Ta Ni Yóò Dán Àwọn Ìdánwò Wa Wò?

Nínú ẹ̀ka wa, tí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan fi hàn wá pé kóòdù òun ń ṣiṣẹ́, ohun méjì ló sábà máa ń gbé jáde. Àkọ́kọ́ ni àwọ̀ ewé tó máa ń hàn lójú kọ̀ǹpútà nígbà tí gbogbo ìdánwò bá yege. Èkejì ni kọ́fírééjì, ìyẹn ìdá àwọn ìlà kóòdù tí ìdánwò gba orí wọn kọjá. Tí kọ́fírééjì bá ti jẹ́ 100%, ọ̀rọ̀ bùṣe, oníkálukú á palẹ̀ mọ́. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti wà lára àwọn tó máa ń ka kóòdù ẹgbẹ́ wọn kí iṣẹ́ tó dé ọwọ́ olùkọ́, mo sì ti wá rí i pé kò sí èyí tó dáhùn ìbéèrè tó jẹ mí lógún nínú méjèèjì: bí kóòdù yìí bá bàjẹ́ lọ́la, ṣé àwọn ìdánwò yìí á mọ̀?

Ọ̀nà kan wà tí a lè gbà bi ìdánwò ní ìbéèrè yìí ní tààrà. Mutéṣọ̀n tẹ́sítìn ni wọ́n ń pè é. Ẹ óò mú kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ óò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan, ẹ óò sì mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan kékeré kan ṣoṣo jẹ́ nínú ẹ̀dà náà. Ẹ lè sọ àmì ìyọkúrò di àmì ìròpọ̀, tàbí kí ẹ sọ 0 di 1. Lẹ́yìn náà, ẹ óò kó gbogbo ìdánwò lé ẹ̀dà alábùkù yìí lórí. Tí ó bá kéré tán ìdánwò kan fìdí rẹmi, ẹ̀dà náà kú nìyẹn, a jẹ́ pé ìdánwò yín rí àbùkù náà. Tí gbogbo rẹ̀ bá sì yege bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, ẹ̀dà náà yè, ibẹ̀ yẹn ni ojú ìdánwò yín kò tó.

Bí àwọn ìyá ọlọ́jà ṣe ń mọ ọmọ tó lajú lẹ́nu iṣẹ́ náà nìyí. Ìyá á rán ẹnì kan tí ọmọ náà ò mọ̀ pé kó yọ́ lọ mú tòmátì kan lórí àtẹ. Tí ọmọ bá pariwo, ojú rẹ̀ wà lára ọjà. Tí kò bá fọhùn, kò sí ohun tí ìyá fẹ́ fi jíjókòó tó jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ ṣe. Kọ́fírééjì á sọ fún yín pé ọmọ wà nídìí àtẹ. Mutéṣọ̀n tẹ́sítìn ló máa sọ bóyá ó ń wo ọjà.

Èrò náà kì í ṣe tuntun. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Richard Lipton nígbà tó kọ́kọ́ dá a lábàá ní ọdún 1971. Ní ọdún 1978, òun pẹ̀lú Richard DeMillo àti Frederick Sayward gbé àlàyé rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn kan tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń kà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ ìgbà yẹn ò yára tó láti ṣe é fún iṣẹ́ ńlá, nítorí pé gbogbo ìdánwò ni a ní láti tún ṣe fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Lóde òní, kọ̀ǹpútà alágbèéká tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò lè ṣe é. Mo fẹ́ fi iṣẹ́ kan tí mo kà hàn yín, kí ẹ lè rí i bó ṣe ń lọ.

Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni ọ̀rẹ́ mi tó kọ iṣẹ́ náà, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí la ti jọ ń kàwé. Èlùbọ́ ni màmá rẹ̀ ń tà ní Ọ̀yọ́, àmọ́ àwọn ọjà abúlé ló ti máa ń ra iṣu gbígbẹ, ní ìhà Ọ̀yọ́ àti ní ìhà Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọjà wọ̀nyí kì í ná lójoojúmọ́. Òmíràn jẹ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún, òmíràn jẹ́ ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án. Màmá náà àti àwọn obìnrin mẹ́ta mìíràn ló máa ń dáwó háyà ọkọ̀ kan. Tí wọ́n bá dé ọjà lẹ́yìn ọjọ́ tó ná, ìsọ̀ òfìfo ni wọ́n máa bá, owó ọkọ̀ ti lọ, onímọ́tò ò sì ní dá kọ́bọ̀ padà. Orí ni màmá fi ń mọ ọjọ́ ọjà gbogbo, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ti ń dùn ún, àbúrò ọ̀rẹ́ mi ló sì máa ń rán lọ báyìí. Ìyẹn ò mọ ọjọ́ orí ọjà rárá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rẹ́ mi fi kọ ètò kékeré kan tí yóò máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù àbúrò rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjà.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sílé mọ ohun tó wà nínú kíka ọjọ́ ọjà. Àwọn baba wa máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Tí ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún bá ná ní ọjọ́ Ajé, Ajé ni ìkíní, Ìṣẹ́gun ni ìkejì, Ọjọ́rú ni ìkẹta, Ọjọ́bọ̀ ni ìkẹrin, ọjọ́ Ẹtì ni ìkarùn-ún, ọjọ́ náà ni ọjà tún máa ná. Nítorí náà, ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín ọjà kan àti èkejì, bí a tilẹ̀ ń pè é ní ọlọ́jọ́ márùn-ún. Bákan náà ni ọjọ́ mẹ́jọ ló wà láàárín ọjà ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án méjì. Ọ̀rẹ́ mi mọ èyí dáadáa, ó sì kọ ọ́ sínú kóòdù rẹ̀:

```python
def oja_ni(ojo, ibere, ita):
    if ojo < ibere:
        return False
    return (ojo - ibere) % (ita - 1) == 0
```

`ojo` ni nọ́ńbà ọjọ́ tí a ń béèrè nípa rẹ̀ láàárín ọdún, tí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní jẹ́ 1. `ibere` ni ọjọ́ tí ọjà kọ́kọ́ ná lọ́dún náà. `ita` ni iye tí a fi ń pe ọjà, ìyẹn 5 tàbí 9. Àmì `%` ló ń mú àṣẹ́kù jáde lẹ́yìn pípín. Tí àṣẹ́kù bá jẹ́ 0, ọjọ́ ọjà ni. Kóòdù náà tọ̀nà. Àwọn ìdánwò tó kọ fún un nìyí:

```python
def test_oja():
    assert oja_ni(16, 4, 5) == True
    assert oja_ni(17, 4, 5) == False
    oja_ni(2, 4, 5)
```

Ó fi í hàn mí, inú rẹ̀ ń dùn. "Gbogbo rẹ̀ ló yege, kọ́fírééjì sì jẹ́ 100%. Kí ló tún kù?"

"Jẹ́ kí n ba kóòdù rẹ jẹ́ díẹ̀ ná," ni mo dá a lóhùn.

"Kí ni mo ṣe ọ́?"

Ká sọ òtítọ́, ó ronú kó tó yan 16 yẹn. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí ẹnì kan gbàgbé `- 1`, kó wá máa fi 5 pín dípò 4. Láti ọjọ́ 4 dé ọjọ́ 16 jẹ́ 12. Tí a bá fi 5 pín 12, 2 ló máa ṣẹ́kù, ìdánwò àkọ́kọ́ á sì fìdí rẹmi. Ó ti ka àbùkù kan mọ́lẹ̀, ó sì dẹ tàkúté fún un. Àmọ́ àbùkù tí a ti ń fojú sọ́nà fún kọ́ ló sábà máa ń wọlé.

Ẹ̀dà mẹ́jọ

Mo fi ọwọ́ ṣe ẹ̀dà mẹ́jọ, kí ọ̀rẹ́ mi lè rí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo yí padà nínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan:

1. `ojo < ibere` di `ojo <= ibere`
2. `return False` di `return True`
3. `ojo - ibere` di `ojo + ibere`
4. `%` di `/`
5. `ita - 1` di `ita + 1`
6. `ita - 1` di `ita - 2`
7. `== 0` di `!= 0`
8. `== 0` di `== 1`

Mẹ́ta péré ló kú: ìkẹrin, ìkeje àti ìkẹjọ. Márùn-ún yè. Mẹ́ta nínú mẹ́jọ jẹ́ 37.5%, níbi tí kọ́fírééjì ti ń sọ pé 100%. Èyí tó ṣe pàtàkì ju nọ́ńbà yẹn lọ ni ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tó yè ń sọ fún wa, nítorí pé ẹ̀dà tó yè dà bí ẹlẹ́rìí. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìkejì ló rọrùn jù. Ìlà ìkẹta nínú ìdánwò pe fọ́ńṣọ̀n náà, àmọ́ kò béèrè ohun tó dáhùn. Ìlà `return False` ṣiṣẹ́, kọ́fírééjì sì kà á. Bí a ti sọ ọ́ di `return True`, tí kóòdù ń sọ pé ọjà ná kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Irú ìlà báyìí pọ̀ nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá ti ní kí kọ́fírééjì wọn pé. Kọ́fírééjì kò lè rí i, nítorí pé ohun tó ń kà ni ìlà tó ṣiṣẹ́, kì í ka ìlà tí a yẹ̀ wò.

Ìkíní ń sọ̀rọ̀ nípa bèbè. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín `<` àti `<=` kò hàn níbì kankan àfi ní ọjọ́ tí `ojo` àti `ibere` bá jẹ́ ọ̀kan náà. Kò sí ìdánwò kankan tó béèrè nípa ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an, torí náà ọjọ́ tó yẹ kó dájú jù lọ ni a ò ṣọ́.

Ìkarùn-ún àti ìkẹfà ló ya ọ̀rẹ́ mi lẹ́nu. Ìkarùn-ún ń fi 6 pín dípò 4. Ìkẹfà ń fi 3 pín. Ọjà tó ń ná ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta àti èyí tó ń ná ní ọjọ́ mẹ́fà mẹ́fà jìnnà sí ti màmá rẹ̀ pátápátá, síbẹ̀ ìdánwò ò rí wọn. Ẹ wo nọ́ńbà tó lò: 16 yọ 4 jẹ́ 12. 3 pín 12 geere, 4 pín in, 6 náà pín in. Ní ọjọ́ kejì, 13, àṣẹ́kù 1 ni gbogbo wọn ń mú wá. Nọ́ńbà tó yàn láti fi mú àbùkù kan ti fi àyè sílẹ̀ fún méjì mìíràn.

Ìkẹta ló jinlẹ̀ jù. Ó sọ ìyọkúrò di ìròpọ̀, ẹ̀yin náà á sì rò pé irú àbùkù bẹ́ẹ̀ kò lè fara pamọ́. Àmọ́ 16 àti 4 jẹ́ 20, 4 pín 20 geere. 17 àti 4 jẹ́ 21, àṣẹ́kù rẹ̀ 1. Ìdáhùn kan náà ni pẹ̀lú ti kóòdù tó tọ́. Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi yan ọjọ́ mìíràn tó bá wù ú, kó má ṣáà yí `ibere` padà. Ó dán 8 wò, ó dán 9 wò, ó dán 30 wò. Ẹ̀dà náà ń yè. A gbé ìwé àti gègé, a wá ìdí rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín `ojo + ibere` àti `ojo - ibere` jẹ́ ìlọ́po méjì `ibere`. Tí `ibere` bá jẹ́ nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì dọ́gba, 4 á pín ìlọ́po méjì rẹ̀ geere, àṣẹ́kù ò sì ní yí padà láéláé. Ní ti ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, kò sí `ojo` tó lè fi ẹ̀dà yìí hàn níwọ̀n ìgbà tí `ibere` bá jẹ́ 4. Ọ̀rẹ́ mi ì bá kọ ọgọ́rùn-ún ìlà ìdánwò sí i pẹ̀lú 4 yẹn, pàbó ni gbogbo rẹ̀ máa já sí. Ẹ̀kọ́ tí kọ́fírééjì ò lè kọ́ni nìyẹn.

Ìdí tí àbùkù kékeré bí ìwọ̀nyí fi tó fi díwọ̀n ìdánwò ni pé ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í sábà kọ kóòdù tó jìnnà sí òtítọ́. Ohun tó máa ń ṣì jẹ́ àmì kan tàbí nọ́ńbà kan. Lipton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì tún gbà pé ìdánwò tó bá lè mú àwọn àbùkù kéékèèké á mú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ńláńlá tó jẹ́ pé àkópọ̀ wọn ni. Ọ̀rọ̀ kejì yìí kì í ṣe òfin tí kì í yẹ̀, àmọ́ ó tó gbára lé lójoojúmọ́.

Àwọn ìdánwò tuntun

Lẹ́yìn tí a ti gbọ́ àwọn ẹlẹ́rìí tán, àtúnṣe ò ṣòro. A fi nọ́ńbà tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba ṣe `ibere`, a béèrè nípa ọjọ́ àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀, a lo ọjà kejì gan-an dípò ọjà tó jìnnà, a sì béèrè ìdáhùn nípa ọjọ́ tó ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀:

```python
def test_oja():
    assert oja_ni(7, 7, 5) == True
    assert oja_ni(11, 7, 5) == True
    assert oja_ni(12, 7, 5) == False
    assert oja_ni(3, 7, 5) == False
```

Ìlà àkọ́kọ́ pa ẹ̀dà ìkíní, nítorí pé `<=` á sọ pé ọjọ́ 7 kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ìlà kejì nìkan pa ìkẹta, ìkarùn-ún àti ìkẹfà: 11 àti 7 jẹ́ 18, tí 4 ò lè pín geere, bẹ́ẹ̀ ni 11 yọ 7 jẹ́ 4, tí 6 àti 3 ò lè pín geere. Ìlà kẹrin pa ìkejì. Ìdí tí mo fi ní ká lo 3 níbẹ̀ ni pé tí ẹnì kan bá pa ẹ̀ṣọ́ `if` yẹn rẹ́ pátápátá, 3 yọ 7 jẹ́ -4, àṣẹ́kù rẹ̀ á jẹ́ 0, kóòdù á sì sọ pé ọjọ́ ọjà ni. Tí a bá ti lo 5, ìdáhùn á ṣì jẹ́ `False` láìsí ẹ̀ṣọ́, a ò sì ní mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ ti lọ. Àwọn mẹ́ta tó kú tẹ́lẹ̀ tún kú. Ẹ̀dà mẹ́jọ, òkú mẹ́jọ. Ẹ kíyè sí i pé ìlà mẹ́rin péré ni ìdánwò tuntun, kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju ti àtijọ́ lọ. Nọ́ńbà tí a yàn ló yàtọ̀.

Ẹ ò ní láti máa fi ọwọ́ ṣe ẹ̀dà bí mo ti ṣe. Fún Páítọ̀n, `mutmut` wà. Fún Jáfà, `PIT` wà. Fún Jáfásíkíríìpù, `Stryker` wà. Ti Páítọ̀n rọrùn báyìí:

```
pip install mutmut
mutmut run
mutmut results
```

Àṣẹ ìkejì á ṣe àwọn ẹ̀dà, á sì dán wọn wò. Ìkẹta á to àwọn tó yè lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹ lè yẹ̀ wọ́n wò.

Níbi tí agbára rẹ̀ mọ

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí lé 100% kiri.

Èkíní ni ẹ̀dà tí kò ṣeé pa. Ká ní a sọ `== 0` di `<= 0` nínú kóòdù ọjà yìí. Ẹ̀dà tuntun ni, àmọ́ nínú Páítọ̀n, àṣẹ́kù kì í dín sí 0 nígbà tí a bá fi nọ́ńbà tó ju 0 lọ pín, bí 4 tàbí 8. Nítorí náà `<= 0` àti `== 0` ń sọ ohun kan náà ní gbogbo ọjọ́ ayé. Kò sí ìdánwò tó lè pa á, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìdánwò. Kò sí ètò kọ̀ǹpútà tó lè máa dá irú ẹ̀dà báyìí mọ̀ nígbà gbogbo, ènìyàn ló gbọ́dọ̀ jókòó tì í, kó wò ó, kó sì pinnu. Tí olùkọ́ tàbí ọ̀gá iṣẹ́ bá ní kí ẹ dé 100% dandan, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn á máa kọ ìdánwò ẹ̀tàn láti fi pa ohun tí kò lè kú. Ẹ ka àwọn tó yè, ẹ má kan wo nọ́ńbà.

Èkejì ni àkókò. Kóòdù onílà mẹ́rin fún wa ní ẹ̀dà mẹ́jọ. Iṣẹ́ àṣekágbá tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà lè bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀dà, gbogbo ìdánwò á sì tún ṣe fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ìdánwò yín bá ń gba ìṣẹ́jú àáyá 10, tí ẹ̀dà sì jẹ́ 3,000, wákàtí mẹ́jọ ó lé nìyẹn tí ẹ ò bá ṣe ọgbọ́n kankan. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì mọ̀ pé iná ò ní dúró dè yín. Ọgbọ́n rẹ̀ ni kí ẹ mú fáìlì tó ṣe pàtàkì jù nìkan, ibi tí ìṣirò owó tàbí ọjọ́ tàbí máàkì wà. Kí ẹ dá ẹ̀dà dúró ní kété tí ìdánwò kan bá ti fìdí rẹmi. Kí ẹ sì ṣe kìkì àwọn ìdánwò tó dé orí ìlà tí a bàjẹ́. Àwọn ẹ̀dà mìíràn á di ìyípo tí kì í dúró, bí ìgbà tí `i += 1` di `i -= 1`. Irinṣẹ́ á dúró fún ìwọ̀n àkókò kan, á pa á, á sì kà á mọ́ òkú.

Ẹ̀kẹta ló gbà mí lọ́kàn jù, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀ràn màmá ọ̀rẹ́ mi wà. A ti pa gbogbo ẹ̀dà, síbẹ̀ ara mi ò balẹ̀. Nígbà tí mo bá ọ̀rẹ́ mi lọ sí Ọ̀yọ́ ní ìparí ọ̀sẹ̀ kan, mo bi màmá náà léèrè bó ṣe ń ṣe é tí ọdún bá yí padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, tí oṣù kejìlá bá parí, ṣé ẹ máa ń tún kíkà ọjà bẹ̀rẹ̀ ni?"

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ta ló fẹ́ tún un bẹ̀rẹ̀? Ọjà ò mọ ọdún tuntun."

Bẹ́ẹ̀ kóòdù tó ń pe `oja_ni` mọ ọdún tuntun. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni ó ń kà sí 1 lọ́dọọdún, `ibere` tí ẹni tó ń lò ó kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò sì yí padà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ọjà ná ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní ọdún 2023. Tí a bá ń fi 4 kún un, a ó dé ọjọ́ 363, ọjà tó kàn sì jẹ́ ọjọ́ 367. Ọdún 2023 ní ọjọ́ 365, nítorí náà ọjọ́ 367 jẹ́ ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 2024. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọjọ́ 6, ọjọ́ 10, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ètò náà á padà sí 1, á rí i pé ọjọ́ 2 ṣáájú 7, á dákẹ́. Ọjọ́ 6 náà á kọjá. Ní alẹ́ ọjọ́ 6, á wá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé ọjà ń bọ̀ lọ́la. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi á wọ ọkọ̀ tí àwọn obìnrin mẹ́rin dáwó háyà, á sì dé ọjà ní ọjọ́ kejì tó ti tú. Láti ìgbà yẹn títí ọdún á fi parí, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ ló máa fi ọjọ́ kan pẹ́.

Kí ló dé tí mutéṣọ̀n tẹ́sítìn ò rí èyí? Ìdí ni pé kóòdù tó wà nílẹ̀ ló ń bàjẹ́. Ohun tí a kò kọ rárá kò ní ìlà, ohun tí kò ní ìlà kò lè ní ẹ̀dà alábùkù. Ó lè sọ fún yín pé ẹ ń ṣọ́ gbogbo ẹrù tó wà lórí àtẹ, àmọ́ kò lè sọ fún yín pé ẹrù kan wà tí ẹ gbàgbé sílé. Ìyẹn gba pé kí ènìyàn bi ẹni tó ń ná ọjà léèrè.

Nígbà tí a ti mọ̀ ọ́n, àtúnṣe rẹ̀ ò gùn. Ọ̀rẹ́ mi fi `toordinal()` tó wà nínú `date` ti Páítọ̀n rọ́pò nọ́ńbà ọjọ́ inú ọdún. Ìyẹn máa ń ka ọjọ́ lọ láìdúró láti ọdún dé ọdún, gẹ́gẹ́ bí màmá ṣe ń kà á. Ó kọ ìdánwò méjì sí i, ọ̀kan fún ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 2024 tó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ ọjà, èkejì fún ọjọ́ 7 tí kò gbọ́dọ̀ jẹ́. Ó tún kọ ti ọjà ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án, torí pé 5 nìkan ni a ti ń lò látìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹnì kan bá lọ kọ 4 gbọnin sí àyè `ita - 1`, àwọn ìdánwò mẹ́rin yẹn ò ní mọ̀. Lẹ́yìn náà ló tún pe `mutmut run`, nítorí pé ìlà tuntun ti wọlé, ìlà tuntun sì ní àbùkù tirẹ̀ tí a kò tíì dán ojú ìdánwò wò lé lórí.

Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ mú fọ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ yín, èyí tí ìṣirò wà nínú rẹ̀ tí kò sì gùn ju ìlà mẹ́wàá lọ. Ẹ yí àmì kan padà, ẹ ṣe ìdánwò, ẹ dá a padà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Tí gbogbo rẹ̀ bá kú, ẹ mú fọ́ńṣọ̀n mìíràn. Tí ọ̀kan bá yè, ẹ má tíì kọ ìdánwò kankan. Ẹ kọ́kọ́ gbé ìwé àti gègé, kí ẹ wá ìdí tó fi yè.